Ọ̀gá tó ń rajà mú èrè wá, ọ̀gá ilé ẹ̀rọ fi owó ṣòfò: ta ló yẹ kó dáhùn fún èwo?

Oníwèéìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù kẹta mi rèé nídìí ìṣirò owó ọjà ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe garawa oníke. Òṣùwọ̀n wa ni ìdajì kílò wóró ike fún garawa kan, kílò kan ní 40. Lóṣù tó kọjá, a ra 6,000 kílò ní 37, a lo 5,600 kílò, garawa tó dára 10,000 ló jáde. Ìwé mi wá fi hàn pé ọ̀gá tó ń rajà mú èrè 18,000 wá, ọ̀gá ilé ẹ̀rọ sì fi 24,000 ṣòfò. Ọ̀gá ilé ẹ̀rọ ní òun ò ní fọwọ́ sí i, pé wóró tuntun tí wọ́n rà lówó pọ́ọ́kú ló da iṣẹ́ òun rú. Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé. Orúkọ ta ni kí n kọ síwájú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́

Eléyìí ò le rárá. Ìyàtọ̀ owó, ìyẹn bí iye tí a ra kílò kan ṣe yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n, jẹ́ ti ẹni tó ń rajà; ìyàtọ̀ ìlò, ìyẹn bí kílò tí a lò ṣe yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n, jẹ́ ti ọ̀gá ilé ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò. Garawa 10,000 yẹ kó jẹ 5,000 kílò, 5,600 ni wọ́n lò. Ẹ fi 40 sọ 600 tó lé di púpọ̀, 24,000 nìyẹn, ó pé. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ilé ẹ̀rọ ń sọ, àwáwí ni lójú tèmi.

Ibi tí mo rò pé ẹ ti ṣì í ni 18,000 yẹn. 5,600 lẹ lò, ẹ ò tíì lo 6,000. Nítorí náà 3 lọ́nà 5,600 ló yẹ kí ẹ kọ, ìyẹn 16,800. Ẹ ò lè ka èrè sí èèyàn lọ́wọ́ lórí ohun tó ṣì wà nínú àpò.

ÌyáOníṣirò

Àbúrò mi, ìṣirò ìlò rẹ pé, àmọ́ ti owó yẹn ni mi ò bá ọ lọ. Iṣẹ́ ẹni tó ń rajà parí lọ́jọ́ tó dúnàádúrà tí ọjà sì wọlé. Bí a bá dúró dìgbà tí wọ́n bá lo ọjà náà ká tó ka èrè tàbí àdánù sí i lọ́rùn, ìdúnàádúrà oṣù yìí lè fara hàn nínú ìwé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, gbogbo wóró máa ń wọ sítóò ní iye òṣùwọ̀n, 40 náà ni, a ó sì ti kọ 3 yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lórí gbogbo kílò tó wọlé. Láti ìgbà yẹn lọ, 40 ni ilé ẹ̀rọ ń gbà á. Bóyá ọjà wọ́n bóyá ó pọ́ọ́kú, kò kàn wọ́n mọ́. Ìdí tí a fi ń fi 40 ka 600 kílò náà nìyẹn, tí a kì í fi 37 kà á. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń ṣe é bí o ṣe sọ ọ́ náà, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹni tó máa dáhùn là ń wá, ọjọ́ tí ọjà wọlé ni kí a kà á.

Oníwèéìṣirò, ẹ má tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé wóró àtijọ́ kankan wà nínú sítóò kí tuntun yìí tó dé? Bó bá wà, ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da tuntun sínú ẹ̀rọ?

Ojúlówó

Ẹ dákun, ṣé èmi nìkan ló rí i ni? 600 kílò pòórá nínú iléeṣẹ́, ẹ wá jókòó ẹ ń jiyàn lórí ìṣirò. Ẹ pe àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Wọ́n ti gbé ẹrù jáde lóru ni.

Atọ́júSítóò

Rárá o, ọ̀rẹ́ mi. 600 yẹn kò pòórá, ó kúrò nínú sítóò pẹ̀lú ìwé, ó sì wọ ilé ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tó wọlé pọ̀ ju ohun tí iye garawa tó jáde yẹ kó jẹ lọ. Olè lè wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, nítorí ẹni tó jí i gbé lẹ́yìn tí ilé ẹ̀rọ ti gbà á, inú ìyàtọ̀ ìlò ló máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ọ̀rọ̀ olè, ẹ jẹ́ kí Oníwèéìṣirò lọ ka àpò. Bó bá jẹ́ pé ìwé ló dá sọ iye tí wọ́n lò láìsí pé ẹnikẹ́ni ka ohun tó kù, 5,600 yẹn fúnra rẹ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i rí kí àpò tí wọ́n fi ìwé gbà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ láìtú, kí wọ́n sì ti kà á mọ́ ohun tí wọ́n lò.

ArajàỌjọ́Pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ tèmi, nítorí iṣẹ́ ọjà rírà ni mò ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Ẹ ti ń rò pé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀ràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, ilé ẹ̀rọ gba iṣẹ́ pàjáwìrì láìbá mi sọ ọ́. Wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ohun èlò máa tán lọ́jọ́rú. Ẹni tó ń kó ọjà wá fún wa máa ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Mo wá ra 2,000 kílò lọ́wọ́ ẹlòmíì tó ní in nílẹ̀, ní 46 dípò 40. Ní òpin oṣù, wọ́n kọ àdánù 12,000 sí iwájú orúkọ mi, orúkọ ọ̀gá ilé ẹ̀rọ sì mọ́ tónítóní. Èmi ni mo sáré, èmi ni mo tún jẹ̀bi.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé nínú 2,000 kílò yẹn, àwọn fúnra wọn fi 300 ṣòfò lórí ẹ̀rọ. Bí wọn ò bá ṣòfò, mi ò bá má ra 300 yẹn. Síbẹ̀ 6 tó lé lórí rẹ̀, 1,800, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

ÌyáOníṣirò

Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ yín tọ́. Ìyàtọ̀ owó ni 12,000 yẹn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó fà á kọ́ ni wọ́n bi léèrè. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé kí ẹ ní ìwé ìbéèrè ọjà tó ní ọjọ́ àti àkókò lórí. Bí ilé ẹ̀rọ bá béèrè nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá ò sí mọ́, kí ẹni tó gba iṣẹ́ pàjáwìrì náà fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ pé owó máa lé. Ìyàtọ̀ máa ṣì wà lábẹ́ owó, àmọ́ orúkọ tó máa wà níwájú rẹ̀ ni ti ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ti 1,800 yẹn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó ń rajà la ń kó apá tí owó àti ìlò ti jọ lé fún. Mi ò rò pé ó tọ́. Bí mo bá ń kọ ìwé fún ìpàdé, mo máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ lórí ìlà kan láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni síwájú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́

Bí a bá ti ń yọ èyí yọ tọ̀hún, ṣé kì í ṣe pé gbogbo èèyàn á kàn máa rí ẹni ti ọ̀ràn sí lára? Ó kéré tán, tí ẹnì kan bá ń dáhùn fún ọ̀kan, á mọ̀ pé ojú òun ni wọ́n ń wò.

ÌyáOníṣirò

Ojú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò, mo gbà. Òun la ó kọ́kọ́ bi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè lè dáhùn pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti wá, ká sì wádìí rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí ṣeé wádìí, ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè nípa wóró àtijọ́.

Oníwèéìṣirò

Ẹ má bínú, mo pẹ́ kí n tó padà. Mo ti lọ sí sítóò. Ẹ ṣeun, Atọ́júSítóò, a ka àpò pọ̀ èmi àti ọmọ sítóò. Àpò 68 ló kù, kílò 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,700 kílò nìyẹn. Kò sí àpò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, wóró àtijọ́ wà. 1,300 kílò, àpò 52, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti ń bá rà tẹ́lẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní títí tó fi tán. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tú àpò àkọ́kọ́ nínú tuntun. Ọ̀gá ilé ẹ̀rọ ní ìwé pélébé kan tó ń kọ iye garawa tó dára sí lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ 2,500. Àwọn tó kù jẹ́ 7,500. Ẹ̀rọ kan náà, mòódù kan náà tó ń fún garawa ní ìrísí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni.

1,300 pẹ̀lú 6,000, a yọ 5,600, ó ku 1,700. Ó bá àpò tí a kà mu.

ÌyáOníṣirò

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ kìíní ná. Garawa 2,500 yẹ kó jẹ 1,250 kílò, wọ́n lo 1,300. 50 ló lé, ìyẹn 4 nínú 100. Wóró àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ráhùn nípa rẹ̀ nìyí, nítorí náà 4 nínú 100 yìí ti wà níbẹ̀ kí wóró tuntun tó dé.

Ẹ wá wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Garawa 7,500 yẹ kó jẹ 3,750, wọ́n lo 4,300. 550 ló lé. Ká ní bí ilé ẹ̀rọ ṣe ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n ń bá lọ, 4 nínú 100 lórí 3,750 jẹ́ 150. Èyí tó kù, 400 kílò, ìgbà tí wóró tuntun dé ló dé.

Nítorí náà 600 yín ti pín sí méjì. 200 kílò, tó jẹ́ 8,000, jẹ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. 400 kílò, tó jẹ́ 16,000, bá wóró tuntun wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi díwọ̀n, ó kéré, bí ẹ bá ní ìwé oṣù méjì sẹ́yìn ẹ wò ó bóyá 4 nínú 100 náà ni. Mi ò sì tíì sọ pé ẹni tó ń rajà ló jẹ̀bi 16,000 o. Ohun tí mo sọ kò ju pé ọ̀gá ilé ẹ̀rọ kò parọ́.

Ẹlẹ́rọMòódù

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ike ni mò ń ṣe, mi ò mọ ìṣirò púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Garawa tó dára yẹn, ẹ ti wọ̀n ọ́n rí? Mi ò sọ èyí tó bàjẹ́ o, èyí tí ẹ ti tò láti kó lọ fún oníbàárà. Gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ ìfiṣòfò bí ẹni pé ohun tó lé gbọ́dọ̀ wà nínú àjákù. Wóró tó lé lè wà lára garawa tó dára.

Èkejì, báwo ni àwọn tó bàjẹ́ ṣe rí? Ṣé ẹnu wọn ò pé ni, àbí wọ́n ní ìlà dúdú lára?

Oníwèéìṣirò

Ìlà dúdú ni, wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Àwọn kan wà tí ẹnu wọn ò pé.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn, mo lọ mú garawa 20 láti ibi tí wọ́n tò wọ́n sí, mo mú wọn káàkiri, mi ò mú wọn níbì kan náà. Mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n pa pọ̀. Kílò 10.4. Mo tún un wọ̀n, 10.4 náà ni.

Ẹlẹ́rọMòódù

Ẹ rí i báyìí. Gíráàmù 520 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, dípò 500. Gíráàmù 20 lórí garawa 10,000 jẹ́ 200 kílò. 200 tí Ìyá ní ó ti wà nílé ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn láìlé láìdín. Kò sẹ́ni tó dà á nù. Ẹ ń fi kún ẹrù oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Bí mòódù bá ti pẹ́, ojú rẹ̀ á jẹ, àlàfo inú rẹ̀ á fẹ̀ sí i, ara garawa á nípọn díẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tì í ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn tí mòódù ti kún, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí garawa má baà kán. Ti èkejì yìí, ọ̀gá ilé ẹ̀rọ lè tún un ṣe lónìí. Ti àkọ́kọ́, owó mòódù tuntun ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ìlà dúdú, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Wóró tí kò tètè ṣàn kì í dé etí mòódù, ẹnu garawa kò ní pé. Òṣìṣẹ́ á wá fi iná kún un kó lè ṣàn. Iná yẹn á jó èyí tó bá pẹ́ nínú ọ̀pá ẹ̀rọ tí wóró ti ń yọ́, á sì jáde ní ìlà dúdú. Nǹkan méjèèjì tí ẹ rí lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, orísun kan náà ni wọ́n ní.

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́

Mo ní ìbéèrè fún Ẹlẹ́rọMòódù. Ṣé ẹ kì í lọ èyí tó bàjẹ́ padà ni? Mo gbọ́ pé ike ṣeé lọ̀ kí a tún yọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́ padà, kí ló dé tí ìyàtọ̀ ìlò tún fi wà?

Ẹlẹ́rọMòódù

Ìbéèrè gidi nìyẹn. A máa ń lọ̀ ọ́, a sì ń da díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ mọ́ wóró tuntun. Garawa funfun tí ẹnu rẹ̀ kò pé lè padà lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó jóná tó dúdú kò ṣeé dà mọ́ funfun, á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Oníwèéìṣirò

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìwọ̀nba tó bàjẹ́ padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n, kò sì sí nínú ìwé kankan. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni òkìtì dúdú ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi kà wọ́n. 760 ni. Bí mo bá fi gíráàmù 520 kà á, ó jẹ́ kílò 395. Ó ku bíi kílò 5 kó pé 400, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń fọ ọ̀pá ẹ̀rọ ni ìyẹn lọ.

Atọ́júSítóò

Ojúlówó, òkìtì tí wọ́n ń wá nìyẹn o, kò jáde ní ẹnubodè.

Oníwèéìṣirò, ohun tí ẹ ń lọ̀ padà láìwọ̀n yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá tọ́jú òkìtì kan dìgbà oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ìlò oṣù yẹn máa dára ju bó ṣe rí lọ, ti oṣù yìí á sì burú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ fi òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọ̀.

ÌyáOníṣirò

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí èyí tó bá ré òpin oṣù kọjá. Èyí tó padà lọ́jọ́ kan náà, mi ò rò pé ó yẹ ká fi ìwé yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé gbọ́. Ẹ má fi 18,000 wé 24,000. Èrè 18,000 wà lórí gbogbo 6,000 kílò, àmọ́ 4,300 péré nínú rẹ̀ ni wọ́n tíì lò. Èrè lórí 4,300 jẹ́ 12,900. Òun ni kí ẹ fi wé 16,000. Wóró pọ́ọ́kú náà ti gba 3,100 lọ́wọ́ yín ju ohun tó fún yín lọ.

Ẹ wò ó lọ́nà míì. Ká ní wóró àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe garawa 7,500 yẹn, pẹ̀lú ara tó nípọn yẹn náà, 3,900 kílò ni wọn ì bá lò, ní 40, 156,000. Wọ́n lo 4,300 ní 37, 159,100. 3,100 náà ni. Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ iye tí wóró yìí tọ́ sí lọ́dọ̀ yín, ẹ fi 4,300 pín 156,000. Ó jẹ́ 36.28. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà á ní 36, ẹ ò pàdánù. Ní 37, ẹ ń pàdánù, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì ka àkókò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe garawa 760 tí kò ṣeé tà.

1,700 tó kù lẹ tún gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ ti kọ èrè 5,100 sílẹ̀ lórí rẹ̀ lóṣù yìí, ìfiṣòfò tó máa bá a wá kò tíì dé. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ó máa mú àdánù tó lé ní 1,200 wá lóṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ èrè kúrò. Iwájú orúkọ ọ̀gá ilé ẹ̀rọ ni ìfiṣòfò náà sì máa hàn sí.

ArajàỌjọ́Pẹ́

Ó dáa, a ti wá dé ibi tí ẹ fẹ́ kó 16,000 lé arajà lórí. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé wo ni wọ́n fún un pé kó fi rajà? Kí ló wà níbẹ̀? Bí mo bá ra ohun tí ìwé sọ ní owó tó kéré, iṣẹ́ mi ni mo ṣe. Ẹ ò lè sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nǹkan míì wà lọ́kàn yín.

Oníwèéìṣirò

Mo wò ó, sà. Ìlà kan ni: wóró ike funfun, tuntun, àpò kílò 25. Kò sí nǹkan míì.

ArajàỌjọ́Pẹ́

Ẹ ṣeun. Ó ra wóró ike funfun, tuntun, àpò kílò 25. Kí wọ́n lọ bi ẹni tó kọ ìwé yẹn.

Ẹlẹ́rọMòódù

Ìwé yẹn ò tó lóòótọ́. Wóró ní nọ́ńbà kan tó ń sọ bó ṣe ń ṣàn, iye gíráàmù tó ń yọ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 lábẹ́ iná àti ìwúwo kan pàtó. Ẹni tó ń tà á mọ̀ ọ́n, ó máa ń wà nínú ìwé tó bá ọjà rìn. Ẹ fi ti àtijọ́ wé ti tuntun, ó dá mi lójú pé ti tuntun kéré. Ilé ẹ̀rọ ló yẹ kó fi nọ́ńbà yẹn sínú ìwé ìrajà, nítorí àwọn ló mọ ohun tí mòódù wọn ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Arajà, nígbà tí ẹ bá yí ẹni tí ẹ ń bá rà padà, ṣé ẹ ò lè gba àpò kan wá kí ilé ẹ̀rọ dán an wò kí ẹ tó ra 240? Èmi ò rí bí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ á ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ láìbéèrè.

ArajàỌjọ́Pẹ́

Èmi máa ń gbà á, àmọ́ ẹ ò lè fi ìyẹn dá ẹni tí kò sí òfin fún lẹ́bi owó 16,000.

ÌyáOníṣirò

Níbí ni mi ò ti ní dájọ́, nítorí ẹ̀yin méjèèjì ní ẹ̀rí. Lójú tèmi, yíyí ẹni tí a ń bá rà padà láìsọ fún ilé ẹ̀rọ jẹ́ ìpinnu tí arajà dá ṣe, ó sì yẹ kó dáhùn fún un. Ìwé tó ní ìlà kan péré jẹ́ ti ilé ẹ̀rọ. Oníwèéìṣirò, ẹ béèrè bóyá ọ̀gá ilé ẹ̀rọ mọ̀ pé ọjà yí padà kó tó wọlé. Bó bá mọ̀ tó sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ tún béèrè ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ìlà dúdú àti ọjọ́ tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oníwèéìṣirò

Mo ti béèrè, mà. Kò mọ̀ pé ọjà yí padà, àpò tó rí ló fi mọ̀. Ó rí ìlà dúdú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì. Kò kọ̀wé, ó ní òun sọ ọ́ fún ọ̀gá tó ń rajà lẹ́nu nínú ọgbà. Ọ̀gá tó ń rajà ní òun ò rántí. Wọ́n bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ti mòódù, ó fi ìwé hàn mí pé òun ti béèrè àtúnṣe rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá àgbà ní kó dúró ná.

Mo ti tún ìwé ìpàdé kọ. Mo yọ orúkọ kúrò níwájú 24,000. Mo kọ 8,000 sí ìlà mòódù àti ìwọ̀n garawa, mo sì fi ìwé tí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí tì í. Mo kọ 16,000 àti èrè 12,900 sí ìlà kan náà, ìlà wóró tuntun, kí wọ́n lè rí 3,100 náà, mo sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì síbẹ̀ pé kí wọ́n jọ dáhùn. Èrè 5,100 tó kù wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ pé ọjà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́

Kí orúkọ méjì wà lórí ìlà kan ṣì ń kọ mí lóminú. Àmọ́ mo gbà pé ìdáhùn mi àkọ́kọ́ ì bá ti fi ọ̀gá ilé ẹ̀rọ jẹ̀bi ohun tí kò ṣe.

Atọ́júSítóò

Àpò 68 yẹn ńkọ́? Bí ẹ bá ra wóró àtijọ́ wá tí ẹ sì kó méjèèjì pa pọ̀, ẹ ò ní lè ṣe irú ìṣirò yìí lóṣù tó ń bọ̀. Oríire ló jẹ́ pé ti àtijọ́ tán kí ti tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé tí ilé ẹ̀rọ fi ń gba àpò máa sọ irú àpò tó jẹ́.

Oníwèéìṣirò

Mo ti lẹ tákàdá pupa mọ́ gbogbo wọn láàárọ̀ yìí, sà, a sì kó wọn sí igun tiwọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀rọ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí ìpàdé á fi parí. Ọ̀gá tó ń rajà ti pe ẹni tó tà á fún wa láti béèrè bóyá á gbà á padà, tàbí bóyá á sọ ọ́ di 36.